Mo kó ₦138,000 nínú èsúsú wa: ṣé owó mi pé?

Aláta Bódìjà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò nǹkan kan. Èmi àti àwọn aláta, àwọn alálùbọ́sà àti àwọn ẹlẹ́wà kan lọ́jà Bódìjà n'Íbàdàn la jọ ń dá èsúsú ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ kan jẹ́ ₦10,000. Ọjọ́ Sátidé la máa ń san án, ọjọ́ yẹn gan-an lẹni tó bá kàn máa ń kó o. Orúkọ 14 ló wà nínú ìwé. Àwọn méjì nínú wa ń dá ọwọ́ méjì méjì. Àwọn méjì míì pa ọwọ́ kan pọ̀, kálukú wọn ń san ₦5,000. Ìyá tó jẹ́ olórí wa máa ń yọ ₦2,000 lára owó ẹni tó bá kó, nítorí wàhálà tí wọ́n ń ṣe. A ti fẹnu kò lórí ìyẹn, kò sí ìjà níbẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, èmi ló sì kàn. Mo ka owó náà lójú wọn, ₦138,000 ni. Mo dúpẹ́, mo gba ilé lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹni tó kó ní ọ̀sẹ̀ kejì sọ fún mi pé ₦148,000 lòun kó. Mi ò fẹ́ lọ bá àgbàlagbà nílé bí ẹni tó ń fẹ̀sùn olè kàn wọ́n, nígbà tí mi ò tíì mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣé owó mi pé àbí kò pé? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀?

Bàbá Kékeré

Owó yín pé, ìyá. Orúkọ 14, kálukú ₦10,000, ₦140,000 nìyẹn. Ẹ yọ ₦2,000 ti olórí kúrò, ó ku ₦138,000 géérégé. Ẹni tó ní òun kó ₦148,000 ni kí ẹ lọ bi léèrè ibi tí ₦10,000 tó lé ti wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tipa ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti olórí yín.

Ìyá Akọ̀wé

Bàbá Kékeré, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n a kì í ka orúkọ nínú èsúsú. Ọwọ́ là ń kà.

Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Nínú orúkọ 14, àwọn méjì ń dá ọwọ́ méjì méjì, ọwọ́ 4 nìyẹn. Àwọn méjì pa ọwọ́ kan pọ̀, ọwọ́ 1. Àwọn tó ṣẹ́ kù jẹ́ èèyàn 10, ọwọ́ kan kan ni tiwọn, ọwọ́ 10. Tí ẹ bá ro ó pọ̀, ọwọ́ 15 ló wà nínú èsúsú yìí. Owó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦150,000. Tí olórí bá yọ ₦2,000 tiwọn, ₦148,000 ló yẹ kó dé ọwọ́ ẹni tó kàn. Ẹni tó kó ní ọ̀sẹ̀ kejì kò parọ́.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá iye ọwọ́ tí mo kà yìí tọ̀nà. Ẹ bi wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni èsúsú yìí máa fi yí po. Gbogbo ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ kó lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà iye ọ̀sẹ̀ àti iye ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra. Tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ 15, ọwọ́ 15 ni. Tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ 14, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọwọ́ tí kò ní kó.

Síbẹ̀, mi ò tíì sọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. ₦138,000 yìí ṣì lè tọ̀nà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ní Sátidé tí ẹ kó yẹn, ṣé ẹ san ₦10,000 tiyín?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Peckham

Ohun tí Ìyá Akọ̀wé ń bọ̀ wá sọ lèmi náà fẹ́ sọ. Níbí, ní London, àwa mẹ́wàá là ń dá a lóṣooṣù, £200 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. £2,000 là ń pe owó náà, àmọ́ £1,800 ló ń wọ àkáǹtì ẹni tó bá kó. Ìdí ni pé ẹni tó kàn kì í fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lóṣù yẹn. Kí ló fẹ́ fi £200 ránṣẹ́ sí olórí fún, kí olórí tún wá dá a padà fún un? Lóṣù tí mo kọ́kọ́ kó, ìyá mi ní Ọ̀yọ́ gbọ́ £1,800, wọ́n ní wọ́n ti jí £200 mi. Kò sẹ́ni tó jí i, inú àkáǹtì mi ló wà.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé olórí yín kò gba ₦10,000 lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn, owó yín pé.

Ìyá Akọ̀wé

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí iye tó bọ́ sí ọwọ́ èèyàn lọ́jọ́ kan kò fi lè sọ fún un bóyá owó pé. Iye kan náà lè tọ̀nà nínú ẹgbẹ́ kan, kó má tọ̀nà nínú òmíràn.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣe rèé. Ẹ fi iye tí ẹ kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ máa san láti ọ̀sẹ̀ kìíní títí dé ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Èsúsú kò lérè, kò sì gbọ́dọ̀ ní àdánù. Owó iṣẹ́ olórí nìkan ló gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì.

Ká ní ẹ san ₦10,000 lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí èsúsú bá fi máa yí po, ẹ ti san án lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ₦150,000. ₦138,000 lẹ kó. ₦12,000 ló wà láàárín, bẹ́ẹ̀ ₦2,000 péré lẹ jọ fẹnu kò sí. A jẹ́ pé ₦10,000 yín wà níbì kan.

Ká ní ẹ kò san án. Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá péré lẹ máa san, ₦140,000. Ẹ kó ₦138,000. ₦2,000 ló wà láàárín, owó yín sì pé pérépéré.

Ẹni tó ń dá ọwọ́ méjì náà lè lo ọ̀nà yìí, kó kàn rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun máa kó, ẹ̀ẹ̀mejì lolórí sì máa yọ owó iṣẹ́. Àwọn tó pa ọwọ́ kan pọ̀ máa kó ₦148,000 papọ̀, kálukú á mú ₦74,000.

Alájọ Ṣómólú

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí olórí fi ń yọ ₦2,000? Iṣẹ́ alájọ ni mò ń ṣe. Owó ọjọ́ kan là ń mú lóṣù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fún mi ní ₦500 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31 ti kó ₦15,500 jọ, mo máa mú ₦500, mo máa fún un ní ₦15,000. Tí oṣù bá ní ọjọ́ 30, ₦14,500 ló máa gbà. Àwọn oníbàárà mi kan máa ń bínú lóṣù tó bá ní ọjọ́ 30, wọ́n á ní owó àwọn dín. Kí Aláta lọ wò ó bóyá iye ọjọ́ ló fa tiwọn.

Bàbá Kékeré

Alájọ, èsúsú ni wọ́n ń dá, kì í ṣe àjọ. Ní tiyín, owó oníbàárà lẹ ń dá padà fún un. Ní tiwọn, owó gbogbo wọn lẹnì kan ń kó. Ọjọ́ oṣù kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Akọ̀wé, mo ti gbà pé ọwọ́ là ń kà. Àmọ́ ẹ rí i bí ìṣirò tèmi náà ṣe já sí ₦138,000? Ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú.

Ìyá Akọ̀wé

Ó já síbẹ̀ nítorí pé orúkọ fi ẹyọ kan dín sí ọwọ́. Kò sí ìdí míì. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ èsúsú, pé èèyàn lè gba ọ̀nà tí kò tọ́ dé iye tó dà bíi pé ó tọ́, kó sì fọkàn balẹ̀.

Aláta Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo bi wọ́n, ọ̀sẹ̀ 15 ni. Ọwọ́ 15 ni lóòótọ́.

Ní ti bóyá mo san tèmi, mi ò rántí. Ọjà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ ata méjì ló wọlé láti òkè Ọya. Mo yẹ káàdì mi wò. Olórí ti tọwọ́ bọ ojú ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ṣé ìyẹn túmọ̀ sí pé mo san án?

Ìyá Akọ̀wé

Rárá o. Káàdì kò lè yanjú èyí. Yálà ẹ san án lówó tàbí wọ́n yọ ọ́ lára owó tí ẹ kó, ojú ọ̀sẹ̀ yẹn lórí káàdì gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí, nítorí ẹ kò jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun tí káàdì ń sọ ni pé ẹ kò jẹ gbèsè. Kò sọ ọ̀nà tí owó gbà wọlé.

Ẹ wá owó náà láti ibi tó ti jáde. Ṣé ẹ máa ń kọ iye tí ẹ tà àti iye tí ẹ ná? Ta ló wà nísọ̀ pẹ̀lú yín? Ṣé ẹ̀ ń fi owó èsúsú sọ́tọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀? Tí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ lọ bá olórí yín, ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé owó mi pé?" Kò sí olórí tó máa dáhùn pé kò pé. Ẹ sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ro ojú ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án nínú ìwé."

Nínú ìwé tí wọ́n bá kọ dáadáa, orúkọ máa ń wà lápá òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀sẹ̀ á sì wà lókè láti òsì sí ọ̀tún. Tí ẹ bá ro ọ̀sẹ̀ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí iye tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Tiyín gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦150,000. Tí ẹ bá ro orúkọ kan láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ẹ máa rí iye tí ẹni yẹn ti san. Ẹni tó ń dá ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ ti san ₦90,000 títí dé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹni ọwọ́ méjì ₦180,000, ẹni ààbọ̀ ọwọ́ ₦45,000. Ẹ ro ó lọ́nà méjèèjì. Àròpọ̀ gbogbo ọ̀sẹ̀ àti àròpọ̀ gbogbo orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu ní igun ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ₦1,350,000 ni. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí èkejì, ẹnì kan ṣi òǹkà kọ tàbí ó ṣi í rò. Tí méjèèjì bá bára mu ṣùgbọ́n tí wọn kò tó ₦1,350,000, ẹnì kan kò tíì san.

Kọ̀ǹpútà Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin màmá. Èmi ni mò ń bá màámi kọ ìwé èsúsú tiwọn sórí fóònù nínú Google Sheets. Tí iye èèyàn bá jẹ́ bíi ti Màmá Aláta, orúkọ á wà ní A2 dé A15, iye ọwọ́ á wà ní B. Fún ààbọ̀ ọwọ́, ẹ kọ 0.5. Ọ̀sẹ̀ kìíní bẹ̀rẹ̀ ní C, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án á bọ́ sí K. Nísàlẹ̀ K, mo máa ń kọ èyí:

```
=SUM(K2:K15)-SUM(B2:B15)*10000
```

Tí owó ọ̀sẹ̀ yẹn bá pé, 0 ló máa gbé wá. Tó bá gbé -10000 wá, ọwọ́ kan kò tíì wọlé.

Ohun kan wà tó dà wá láàmú gan-an nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń tẹ "10k" dípò 10000. Fóònù kò ka "10k" sí owó, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí, ó sì fò ó dá nígbà tó ń ro ó pọ̀. Gbogbo èèyàn ti san, síbẹ̀ ìwé ń sọ pé owó dín. Láti mọ̀ bóyá irú rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ kọ:

```
=COUNT(K2:K15)
```

Òǹkà nìkan nìyẹn ń kà. Tí orúkọ 14 bá ti ní nǹkan lójú ọ̀sẹ̀ yẹn ṣùgbọ́n tó gbé 13 wá, ẹnì kan tẹ ọ̀rọ̀ síbi tó yẹ kó tẹ owó. Ẹni tí kò bá san, ẹ kọ 0 fún un, ẹ má fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Tẹ́lọ̀ Ọ̀ṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ tèmi náà wò. Àwa ọwọ́ 10 là ń dá ₦5,000 lóṣooṣù. Èmi ló kó ní oṣù kejì, mo kó ₦50,000, olórí wa kì í yọ nǹkan kan. Ní oṣù kẹrin, olórí mú ẹni tuntun kan wọlé, a wá di ọwọ́ 11. Ẹni tuntun náà san ₦5,000 ti oṣù kẹrin, ó tún san ₦15,000 fún oṣù mẹ́ta tó ti kọjá. Ẹni tó kó ní oṣù kẹrin wá kó ₦70,000! Olórí ní orí rẹ̀ ló gbé e. Mo sọ pé ó dáa. Àmọ́ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Akọ̀wé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Ìyá Akọ̀wé

Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí. Ẹ fi ọ̀nà kan náà yẹn wò ó. Ọwọ́ ti di 11, oṣù 11 lẹ máa san, ₦55,000. ₦50,000 lẹ kó. ₦5,000 yín ló wà níta, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó kó ní oṣù kìíní àti ẹni tó kó ní oṣù kẹta. Ẹ̀yin mẹ́ta, ₦15,000. Iye tí ẹni tuntun san fún oṣù tó ti kọjá gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin mẹ́ta ló yẹ kó pín in ní ₦5,000 ₦5,000, kí ẹni oṣù kẹrin kó ₦55,000 bíi ti gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni oṣù kẹrin kó ₦15,000 lé.

Ẹ sọ fún olórí yín ní báyìí tí èsúsú kò tíì yí po. Ẹni oṣù kẹrin ṣì ń san lóṣooṣù, ó rọrùn láti bá a ṣètò rẹ̀.

Tẹ́lọ̀ Ọ̀ṣogbo

Hẹ̀n! Àbúrò olórí ni ẹni oṣù kẹrin yẹn o. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ níwájú wọn.

Adé Ìwó Róòdù

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi fóònù san án, ẹ má gbàgbé ₦50 tí ìjọba máa ń yọ lórí owó tó bá tó ₦10,000. Olórí tí èèyàn 15 bá fi ₦10,000 ránṣẹ́ sí, ₦750 ti lọ nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ibẹ̀ ni owó èsúsú ti máa ń dín tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Peckham

Adé, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń fi owó bọ́ sí àkáǹtì àwọn ará ilé láti àkáǹtì mi tó wà ní Nàìjíríà, mo sì ti rí i. Èèyàn 15 kọ́ sì ni, ìgbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹni ọwọ́ méjì tó fi ₦20,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ₦50 kan ṣoṣo ló máa san. Ẹni ààbọ̀ ọwọ́ tó fi ₦5,000 ránṣẹ́ kò ní san ₦50 yẹn rárá.

Àti pé kò lè jẹ́ òun ló mú ₦10,000 odindi sọnù. Tí owó bá fi ₦50 tàbí ₦100 dín, ẹ wo ọ̀rọ̀ báǹkì. Tó bá fi odindi ọwọ́ kan dín, ẹ wo ìwé.

Aláta Bódìjà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o. Ọmọ mi obìnrin ló rán mi létí. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti fi ₦10,000 rán sí olórí ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọwọ́ mi máa dí. Olórí náà sọ pé òótọ́ ni, àwọn gbà á. Nítorí náà mo san tèmi.

Mo wá sọ bí Ìyá Akọ̀wé ṣe ní kí n sọ ọ́, pé kí á jọ ro ojú ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Wọn ò bínú rárá, àwọn fúnra wọn ló mú ìwé wá. A rò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ₦140,000 ló jẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dá ọwọ́ méjì ló mú ₦10,000 wá, wọ́n sì kọ "ó kù" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Ó ṣèlérí pé òun á mú ìyókù wá ní Ọjọ́rú. Olórí ní àwọn fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ náà, èrò ni kò jẹ́. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ọjọ́rú ti kọjá, owó náà kò tíì dé.

Ìyá Akọ̀wé

Ẹ ṣeun tí ẹ padà wá sọ ọ́. Nísinsìnyí, ibi tí owó yìí ti lè sọnù pátápátá ni Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ká ní ẹni tó jẹ gbèsè yẹn mú ₦30,000 wá ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ₦20,000 ti ọ̀sẹ̀ yẹn àti ₦10,000 tó kù. Tí olórí bá kọ ₦30,000 sójú ọ̀sẹ̀ kẹwàá, owó ọ̀sẹ̀ yẹn á di ₦160,000. Ẹni tó kàn lè fi tayọ̀tayọ̀ kó ₦158,000 lọ. Tí ẹ bá wá ro orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ₦200,000 ló máa wà níbẹ̀, iye tó yẹ kó wà gan-an ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Igun ìwé náà á jẹ́ ₦1,500,000, kò ní lé, kò ní dín. Gbogbo àròpọ̀ ńlá á pé, ojú ọ̀sẹ̀ méjì péré ló máa fi hàn pé ọ̀kan dín, èkejì lé. Ẹni tí kò bá ro ọ̀sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè rí i láéláé.

Nítorí náà, ojú ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni kí wọ́n kọ ₦10,000 yẹn sí, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí owó wà fún là ń tẹ̀ lé nínú ìwé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n mú un wá.

Olórí Ìtòkú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Èmi náà jẹ́ olórí èsúsú l'Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ bí mo ṣe rí i. Lọ́dọ̀ tiwa, olórí kì í gbé owó tí kò pé fún ẹni tó kàn. Tí ẹnì kan bá jẹ gbèsè, èmi ni mo máa fi owó ara mi dí i, èmi ni mo sì máa lọ gba tèmi lọ́wọ́ onígbèsè. Kí ni ₦2,000 wà fún, tí kì í bá ṣe fún ìyẹn?

Àti bí a ṣe ń ka owó. Tí ẹnì kan bá ti san án, mo máa fi rọ́bà di ti ọwọ́ kan sọ́tọ̀. Ẹni tó san ọwọ́ méjì, ìdì méjì. Àwọn tó pa pọ̀, tí ìkejì bá ti dé la tó ń dì í. Ìdì ni a máa ń kà kí ẹni tó kàn tó fọwọ́ kan owó. Tí ọwọ́ bá jẹ́ 15 tí ìdì sì jẹ́ 14, gbogbo ìjókòó ló máa rí i, kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ sílé kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà la máa ń tú ìdì, tí a á ka owó inú rẹ̀.

Bàbá Kékeré

Ìyá Ìtòkú, ti ìdì yẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n pé kí olórí máa fi owó ara wọn dí i, ìyẹn le. Olórí yẹn náà ń ta ọjà. Tí èèyàn mẹ́ta bá jẹ gbèsè lọ́sẹ̀ kan, ṣé wọ́n á ta ìsọ̀ wọn ni?

Olórí Ìtòkú

Tí èèyàn mẹ́ta bá jẹ gbèsè lọ́sẹ̀ kan, olórí kò yan èèyàn dáadáa. Ọwọ́ àwọn tó lè san ni mo máa ń gbà.

Ìyá Akọ̀wé

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe é, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti wà níbi tí olórí ti ń dí i, mo sì ti wà níbi tí ẹni tó kó ti ń dúró de onígbèsè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó yẹ kí wọ́n ti sọ èyí tí wọ́n ń ṣe kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Aláta, ṣé ẹ sọ ọ́?

Aláta Bódìjà

A ò sọ ọ́, ìyá. Ti ₦2,000 nìkan la sọ.

Mo ti bá olórí sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn ò lówó tí àwọn lè fi dí i báyìí, àmọ́ wọ́n gbà láti kọ ₦10,000 náà sójú ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án nígbà tó bá dé, wọn ò sì ní dà á pọ̀ mọ́ ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a di owó ní ìdì ìdì ní Sátidé, wọ́n ní kí n mú rọ́bà wá. Ẹni tó jẹ gbèsè yẹn kò tíì kó ọwọ́ kejì tiẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejìlá ló máa kó o. Olórí ní tí kò bá san án títí di ìgbà yẹn, àwọn á yọ ₦10,000 lára rẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ rò pé kí n gba bẹ́ẹ̀, àbí kí n tẹnu mọ́ ọn pé Sátidé yìí ni mo fẹ́ ẹ?